Bí a ṣe rí 1.50 lára pírísìmù lẹ́yìn tí nọ́ńbà méjì ti tàn wá jẹ

Àbúrò ìyàwó mi ló kó mi sí i. Ó ń múra ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, ó wá láti Ọ̀fà wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa ní Tánkè, bó ṣe gbé àpò kalẹ̀ ló ní, "Bọ̀dá, mo mọ fọ́múlà pírísìmù yẹn lórí dáadáa o, àmọ́ mi ò fọwọ́ ara mi ṣe é rí, ẹ̀yìn ni mo máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é ní láàbù." Èmi náà ti pẹ́ tí mo ti ṣe é kẹ́yìn, àmọ́ mo ní ọ̀rẹ́ kan tó jẹ́ tíṣà, ó yá mi pírísìmù gíláàsì kan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ní Ọjà Ọba ni mo ti ra píìnì àwọn télọ̀, páálí bísíkíìtì la gé la fi ṣe bọ́ọ̀dù, a kì í sọ̀rọ̀ iná níbẹ̀ rárá torí ojú fèrèsé la jókòó sí ní àárọ̀, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ti tó.

Nǹkan tí à ń wá ni n, ìyẹn iye tó ń sọ bí gíláàsì yẹn ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó. Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ojú kan pírísìmù wọlé tó gba ojú kejì jáde, kì í jáde lọ sí ibi tó dojú kọ tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ti yà. Igun tó fi yà yẹn la ń pè ní d. Tí o bá ń yí igun tó fi wọlé padà, d á máa kéré sí i, á dé ibì kan tí kò lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Èyí tó kéré jù yẹn ni D, òun la ń wá.

A tẹ́ pépà funfun sórí páálí, a gbé pírísìmù lé e, mo ní kó fi pẹ́ńsùlù tó mú dáadáa yí i po. Kí a tó ṣe ohunkóhun, a wọn igun orí rẹ̀, A, lára ìlà tó fà yẹn. Ó jáde ní 60°. Ẹ má kàn gbà pé gbogbo pírísìmù jẹ́ 60° o, ẹ wọ̀n ọ́n, màá sọ ìdí ẹ̀ níwájú.

Lẹ́yìn náà a mú àmì kan láàárín ojú apá òsì, a fa nọ́mà níbẹ̀, ìyẹn ìlà tó dúró ṣánṣán sí ojú gíláàsì, a wá fa ìlà tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé, igun tó wà láàárín ìlà yìí àti nọ́mà la ń pè ní i. Ìlà yìí ní ibi tó gbọ́dọ̀ wà, apá ìdí pírísìmù ni, kì í ṣe apá orí. Àbúrò mi kọ́kọ́ fà á sí apá orí, ó wo títí kò rí nǹkan kan. Píìnì méjì la gún sórí ìlà yẹn, wọ́n jìnnà síra tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sókè, torí tí wọ́n bá súnmọ́ra jù, ìwọ̀nba kékeré tí o bá fi ṣì wọ́n gún á di dìgírì méjì mẹ́ta. O wá lọ sójú kejì, o dijú kan, o wo inú gíláàsì títí ẹsẹ̀ píìnì méjèèjì á fi bo ara wọn, ẹsẹ̀ wọn ni mo wí o, kì í ṣe orí, torí orí píìnì tó bá ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ á tàn ẹ́ jẹ. Ibi tí wọ́n ti bo ara wọn lo máa gún ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin sí kí gbogbo wọn lè wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà gbé pírísìmù kúrò, fa ìlà gba ibi tí méjì tó kẹ́yìn wà, fà á wọ inú àwòrán náà, fa ìlà tó wọlé náà síwájú títí wọ́n á fi pàdé. Igun tó wà láàárín ìlà tó wọlé tí o fà síwájú àti ìlà tó ń jáde, òun ni d.

A bẹ̀rẹ̀ láti i tó jẹ́ 25°, a ò rí píìnì kankan. Ó ní, "Bọ̀dá, àbí pírísìmù yìí ti bàjẹ́?" Kò bàjẹ́. Ní 25°, ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú gíláàsì máa kan ojú kejì ní igun tó ju 42° lọ, gíláàsì kì í sì í jẹ́ kí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde, ńṣe ló máa ń dá a padà sínú gẹ́gẹ́ bíi dígí. Irú pírísìmù 60° báyìí, tí n rẹ̀ bá jẹ́ bíi 1.5, nǹkan bíi 28° ló yẹ kí o ti bẹ̀rẹ̀, ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti 30° nìyẹn. Ní 30° gan-an, ẹ máa rí pupa àti búlúù létí píìnì yẹn, ẹ mú àárín rẹ̀ kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

A ṣe 30° dé 60°, a ń fi márùn-ún márùn-ún lọ, pépà tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ rèé:

```
i:  30   35   40    45    50   55   60
d:  47   44   38.5  37.5  37   38   41
```

Bí mo ṣe rí i, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀ tí mo fi lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́, wọn igun tí ìlà tó jáde fi wà sí nọ́mà ojú kejì, e nìyẹn, kí o wá wò ó bóyá èyí bá a mu:

```
d = i + e - A
```

Pépà 60° ló kọ́kọ́ tú ara rẹ̀ fó. A wọn e, ó jẹ́ 39°. 60 + 39 − 60, 39 ni, kì í ṣe 41. Mo ní kó wọn d náà lójú mi. Purotirákítọ̀ ní nọ́ńbà ìlà méjì, ọ̀kan ń lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan ń lọ sósì, ó rí 40, dìgírì kan péré ló kù kí ìlà náà kan án, ló bá kà á sí apá òdì, ó pè é ní 41. Ìṣòro púpọ̀ nínú púrátíkà yìí ibẹ̀ ló wà o, mo ti rí ẹni tó kọ 143° dípò 37° rí tí kò sì ṣe é ní kàyééfì kankan pé ìmọ́lẹ̀ fẹ́ padà sílé.

A lọ sí pépà 35°, ibẹ̀ ló ti jọ mí lójú. A wọn e, 69° ni. 35 + 69 − 60, 44 gẹ́lẹ́! Àbúrò mi ní, "Ẹ ò rí i pé èyí pé." Mo ní kò pé. Ìdọ́gba yẹn, àwòrán tó wà lórí pépà nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀, ìlà yòówù kí o fà wọlé tí o sì fà jáde, ó gbọ́dọ̀ bára mu torí jíọ́mẹ́tírì lásán ni, kò mọ̀ bóyá pírísìmù jókòó sórí ìlà ẹ̀ àbí ó ti ṣípò. Ó ń mú ẹni tó ka purotirákítọ̀ òdì, kì í mú ẹni tó ti pírísìmù.

Ọ̀nà kejì, gíráàfù tí a fi i àti d yà, ló ń mú ìyẹn. Láti 30 dé 35 d fi 3 dínkù, láti 35 dé 40 ó fi 5.5 dínkù, láti 40 dé 45 ó fi 1 dínkù. Ojú ẹ̀ ò dán rárá, ọ̀nà tó dà gẹ̀ẹ́rẹ̀gẹ́ kì í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tún já lulẹ̀ lójijì kó tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ. A dá pépà náà padà, a gbé pírísìmù lé e, a tún un ṣe, d di 41°, e di 66°. Ìdínkù náà wá di 6, 2.5, 1, ó rí bó ṣe yẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé nígbà tí òun ń gún píìnì kẹta, ọwọ́ òun kan pírísìmù, etí kan sún kúrò lórí ìlà, òun ò kà á sí. Bó bá fi etí kan sún bíi mílímítà méjì ààbọ̀, dìgírì mẹ́ta ti lọ nìyẹn.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tó dùn mọ́ mi: ṣé pírísìmù ò tíì sún rárá níbi 45 àti 50 ni, àbí ó sún tí a ò mọ̀? Mo ní kó gún píìnì méjì, kó máa wò wọ́n láti ojú kejì, kó máa fi ìka yí pírísìmù díẹ̀díẹ̀. Ó ń yí i, àwòrán píìnì ń sáré lọ sápá kan, ó rọra, ó dúró, ó tún padà síbi tó ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yí ọwọ́ ẹ̀ padà o. Ibi tó dúró yẹn ni D. Níbẹ̀, o lè ti pírísìmù ní dìgírì kan tàbí méjì kí d má mọ̀ ọ́n lára, àmọ́ níbi 35, dìgírì kan tí o bá tì í, ó súnmọ́ dìgírì kan tí d máa fi yàtọ̀. Ìdí tí D fi ṣeé gbọ́kàn lé ju àwọn yòókù lọ nìyẹn. Ohun tó le láti kà lórí gíráàfù ni i tó bá D mu, torí ìdí kọ́ọ̀bù náà tẹ́ bí abọ́, àmọ́ D fúnra ẹ̀ rọrùn.

Ìyẹn náà ló fi jẹ́ pé fọ́múlà rẹ̀ kò ní r, ìyẹn igun ìmọ́lẹ̀ nínú gíláàsì, nínú. Níbi D, ìmọ́lẹ̀ gba inú pírísìmù kọjá lọ́gbọọgba, bó ṣe wọlé ló ṣe jáde, i àti e bára dọ́gba, igun inú gíláàsì sì jẹ́ ìlàjì A. Ẹ fi sínú òfin Sínẹ́ẹ̀lì, èyí tó ní ká fi sáìnì r pín sáìnì i ká tó rí n, ó di:

```
n = sin((A + D)/2) / sin(A/2)
```

Gíráàfù wa fún wa ní D tó jẹ́ 37°. (60 + 37) pín sí méjì, 48.5°. Sáìnì rẹ̀ 0.749. Sáìnì 30° jẹ́ 0.5. A pín in, 1.498, a kọ 1.50. Mo sọ fún un pé kó má kọ 1.498 sílẹ̀ bíi pé òun mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, tí a bá ṣi D ní dìgírì kan ṣoṣo, n á fi bíi 0.01 yẹ̀. Igun A náà ńkọ́? Ká ní 59° ni pírísìmù wa tí a kàn pè é ní 60°, 1.51 ló yẹ ká rí. Kíláàsì fìsíìsì ní yunifásítì ní sípẹ́kítírómítà àti iná sódíọ̀mù aláwọ̀ kan fún irú ìyẹn, píìnì télọ̀ ò lè dé ibẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo ti ń jẹun, mo rí i tó tún tẹ́ pépà tuntun. Kò ṣe 30, kò ṣe 35. 48.5° nìkan ló fà, ó gún píìnì ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọn e, ó sáré gbé e wá fún mi pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lẹ́nu. E jẹ́ 48.5°, àbí 49° díẹ̀, pẹ́ńsùlù ẹ̀ ti nípọn.