Ta ló kú, ta ló sì ń sọ ọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìtàn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, bí ẹ bá ka ibi tí wọ́n ti ní ẹnì kan "kicked the bucket," ìyẹn "ta garawa nípàá," tí kò sì sí garawa kankan nínú ìtàn náà, ẹ fura. Àkànlò èdè ni. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: ó kú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tó kú àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni èyí jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jẹ́ olè àdúgbò ni wọ́n ń sọ nílé ọtí, "ó ti gbẹ́kuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra" bá a mu wẹ́kú. "Wàjà" kò ṣeé lò, ọba ló ń wàjà; "papòdà" náà ti níyì jù.

Èmi a máa kà á sókè bí ẹni pé ọmọ olóògbé wà nítòsí. Bí ti Gẹ̀ẹ́sì bá máa dùn ún, ó yẹ kí ti Yorùbá náà dùn ún. Bí ẹ kò bá rí èyí tó ṣe rẹ́gí, "ó kú" lásán sàn ju ọ̀wọ̀ tí òǹkọ̀wé kò fi síbẹ̀ lọ.