Bí fóònù bá ń dá ìgbàsílẹ̀ dúró lágbedeméjì

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó gbé fóònù síwájú àwọn àgbà wa láti gba ìtàn ìdílé sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ààyè tó kù ní Settings > Storage, tàbí ní Settings > General > iPhone Storage bó bá jẹ́ iPhone. Fídíò 1080p lè jẹ nǹkan bíi 130MB ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ku 9GB, kò ní ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí yóò fi dúró, nígbà tí ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú ọ̀rọ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé wọ́n á pa fídíò àtijọ́ rẹ́, síbẹ̀ ààyè ò ní pọ̀ sí i. Inú Trash ló ṣì wà (Recently Deleted ni ti iPhone), ó sì lè wà níbẹ̀ fún 30 ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wọ ibẹ̀, kí ẹ dà á nù pátápátá, kí ẹ wá padà wo Storage bóyá iye ààyè ti yí padà. Ẹ tún yẹ WhatsApp wò: Settings > Storage and data > Manage storage. Àwọn fídíò ńláńlá tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri pọ̀ níbẹ̀.

Bí ààyè ò bá tíì tó, ẹ yí kámẹ́rà sí 720p. Nǹkan bíi 60MB ló ń jẹ ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí méjì á sì gba inú 9GB yẹn.