Irun bílọ́ńdì mi di àwọ̀ ewé, onírun tún gba owó lọ́wọ́ mi lé e

₦15,000 ni onírun kan ní Yaba gbà lọ́wọ́ mi fún ṣámpù aláwọ̀ àlùkò, ó ní ó máa bó àwọ̀ ewé tó wà lórí mi. Kò bó nǹkankan o! Irun kúkúrú ni mo gé, wọ́n bílíìṣì ẹ, ó dùn ún wò, mo wá ń kó àwọn ọmọ àǹtí mi lọ lúwẹ̀ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ikẹja, bí ṣónṣó irun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ewé nìyẹn.

Ẹni tó ta ṣámpù yẹn ní kiloríìnì ló fà á. Irọ́ ni, kópà ni. Ó máa ń wà nínú oògùn tí wọ́n fi ń pa ewédò nínú omi púùlù, ó sì lè ti ara páìpù wá, kiloríìnì á kàn jẹ́ kó lè lẹ̀ mọ́ irun. Irun tí wọ́n ti bílíìṣì ló sì máa ń fa á mu jù, torí ara ẹ ti ṣí sílẹ̀. Àlùkò, àwọ̀ yẹ́lò ló ń pa, kí ló kàn án pẹ̀lú kópà? Mo fọ̀ ọ́ títí, ewé ò lọ. Ni madam bá ní ká tún bílíìṣì ẹ, kí n sanwó míì!

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣerun ní Surulere ló pariwo lórí fóònù: "Má gbà fún un o! Pẹrọ́sáìdì inú bílíìṣì tó bá pàdé kópà lórí irun lè gbóná, irun ẹ á já." Ó ní kí n lọ ra fítámìn sí ní kẹ́místì, funfun ni kí n rà, kì í ṣe aláwọ̀ ọsàn.

Mo gún sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ bíi méjì, mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó kó ki, mo fi ra irun tútù, mo fi nylon bò ó fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú tàbí ibi tó bá bó lórí yín, ó máa ta yín gan-an. Mo fi ṣámpù tí wọ́n kọ EDTA sí lára fọ̀ ọ́, ìyẹn ló ń gbá kópà lọ, mo wá fi kọndíṣọ́nà sí i torí ó máa ń gbẹ irun. Mo tún un ṣe lọ́sẹ̀ kejì, ewé lọ pátápátá, èmi náà sì yangàn níwájú díńgí! Fítámìn sí yẹn kàn fọ tónà, ìyẹn àwọ̀ tí wọ́n fi pa yẹ́lò irun mi, díẹ̀ lọ, irun wá yẹ́lò, ibẹ̀ ni ṣámpù àlùkò ti wá wúlò.

Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ eérú tí wọ́n fi pa irun yẹ́lò ló jẹ́ kó di ewé, ẹ má fi fítámìn sí ṣòfò. Búlúù inú àwọ̀ yẹn ló pàdé yẹ́lò, àwọ̀ tó ní pupa díẹ̀ nínú ni onírun máa fi pa á. Ti púùlù ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ tó wọnú omi, ẹ fi omi ẹ̀rọ tó mọ́ rin irun yín dáadáa, ẹ fi kọndíṣọ́nà lé e, irun tó ti mu omi yó ò ní lè fa ti púùlù púpọ̀.