Tí páàtì AX 100 bá ti wọ́n: ohun tí o máa wọ̀n kí o tó rà á

Ọ̀kadà Súsúkì AX 100 àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ páàtì ojúlówó rẹ̀ ti di àwátì. Tí o bá dé ìsọ̀ tí o ní "AX ni mo fẹ́," ohun tó wà nílẹ̀ ni ọlọ́jà á gbé fún ọ. Tú èyí tó ti jẹ, gbé e dání, kí o mú rúlà pẹ̀lú.

Sípírókẹ́ẹ̀tì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣéènì. Ojú ṣéènì 420 àti ti 428 jìnnà síra bákan náà, mílímítà 12.7, àmọ́ inú 428 fẹ̀ jù. Eyín 428 ò ní wọ ṣéènì 420. Eyín 420 á wọ 428, á kàn máa mì nínú rẹ̀ ni, kò sì ní pẹ́ jẹ. Fún ti ẹ̀yìn, wọn ihò àárín, ka ihò bóòtù, kí o sì wọn láti àárín ihò kan dé àárín èyí tó kọjú sí i. Mẹkáníìkì kan fẹ́ fi fáìlì fẹ ihò bóòtù fún mi rí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ihò bá ti fẹ̀, sípírókẹ́ẹ̀tì ò ní jókòó sí àárín mọ́, ṣéènì á máa le níbì kan, á máa dẹ̀ níbòmíì.

Eyín ńkọ́? Ti àbúrò mi, 14 la kà níwájú, 42 lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé 14 wọ inú 42 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. 15 nìkan la rí rà fún iwájú. Tí a bá fi 42 sílẹ̀, ó di 2.8: á sáré díẹ̀ sí i lójú títẹ́jú, àmọ́ tó bá gbé èèyàn gun òkè, á máa mí hẹlẹ. A wá 45 sẹ́yìn, ó padà di 3. Eyín mẹ́rin tó lé yìí jẹ́ ká fi ojú méjì kún ṣéènì.

Yíyan táyà ò le. Lára 2.75-18, 18 ni ríìmù, kò ṣeé yí padà. O lè lo 3.00-18 lẹ́yìn, tí kò bá kan ṣéènì tàbí mọ́dígáàdì. Má ra èyí tí agbára ẹrù rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti bíréèkì, wọn inú dírọ́ọ̀mù láti etí kan dé ìkejì, wọn fífẹ̀ ṣúù, kí o sì fi orí rẹ̀ méjèèjì wé ti àtijọ́. Fi ṣọ́ọ̀kì kun ojú ṣúù, dè é, yí táyà, tẹ bíréèkì díẹ̀, kí o tún tú u. Tó bá jẹ́ etí nìkan ni ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́, ìtẹ̀kọrọ ṣúù náà ò bá ti dírọ́ọ̀mù mu. Dá a padà fún ọlọ́jà. Tó bá parẹ́ káàkiri, nù ún mọ́, tún un dè, kí o sì kọ́kọ́ dán an wò ní ojúlé, pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí o tó gbé èrò.