Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Sọ Gíráàmù Orí Ìwé Di Oúnjẹ Inú Àwo Eléré Ìdárayá

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń sá eré 800 mítà mú ìwé kan wá bá mi. Ìwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ 70 kìlógíráàmù, olùkọ́ rẹ̀ sì ti kọ ohun tí yóò máa jẹ lójúmọ́ fún un: purotéènì 126 gíráàmù, kabohaidíréètì 420, ọ̀rá 70. Kò sí àbùkù nínú ohun tí a kọ, nítorí purotéènì gíráàmù 1.8, kabohaidíréètì gíráàmù 6 àti ọ̀rá gíráàmù 1 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan bá ẹni tí ń sáré kíkankíkan mu. Síbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kìlógíráàmù mẹ́ta ti lọ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wúwo bí ìdánrawò bá ti dé ìdajì. Kì í ṣe ọ̀lẹ: ó ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ó sì ń wọn gbogbo ohun tí ó ń jẹ. Láàárín ìwé àti àwo ni nǹkan ti yà kúrò lójú ọ̀nà, àwọn àṣìṣe tí mo sì bá níbẹ̀ ni mo ń bá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá mìíràn.

Èyí àkọ́kọ́ ni pé ó fi ìwọ̀n oúnjẹ ṣe ìwọ̀n èròjà. Purotéènì 35 gíráàmù ni ó yẹ kí ó jẹ lọ́sàn-án, ó sì gé ẹja títúùsì tí ó wọn 35 gíráàmù. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù lára ẹja. Nínú 100 gíráàmù títúùsì tí a ti sè, purotéènì kò ju bí 24 lọ, ọ̀rá sì tó bí 18, nítorí náà ègé ẹja rẹ̀ kò fún un ju gíráàmù mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí a pín èròjà tí a ń wá pẹ̀lú iye rẹ̀ tí ó wà nínú 100 gíráàmù oúnjẹ náà, kí a wá sọ èsì náà di ìlọ́po 100: 35 ÷ 24 × 100, èyí tí ó fún wa ní 146 gíráàmù ẹja. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí òun náà kò tíì tọ̀nà, mo sì máa padà sí i.

Àṣìṣe kejì ni ó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ. Nínú 100 gíráàmù ìrẹsì funfun tí a kò tíì sè, kabohaidíréètì tó 80. Nígbà tí a bá sè é tán, tí ó ti fa omi mu, 100 gíráàmù rẹ̀ kò ní ju bí 28 lọ. Ìrẹsì kan náà ni, omi ni ó wọ inú rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn àpò ìrẹsì ni ọmọ yìí kà, ìyẹn 80, ṣùgbọ́n ìrẹsì tí ó ti jinná nínú àwo ni ó ń gbé ka orí òṣùwọ̀n. Ó fẹ́ kabohaidíréètì 110, ó ṣe ìṣirò rẹ̀, ó bu ìrẹsì 137 gíráàmù, ohun tí ó sì wọ ikùn rẹ̀ kò ju 38 lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ó ń jẹ ìrẹsì báyìí, nítorí náà ó ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo kabohaidíréètì ọjọ́ rẹ̀ láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kabohaidíréètì sì ni iṣan ń sun jù nígbà tí a bá ń sá irú eré bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì àṣìṣe yìí náà wà, mo sì ti rí i lára ẹni tí ó fẹ́ fọn kí ó tó wọ ìdíje. Ẹni náà ka 28, ó wá wọn ìrẹsì tútù. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ó rò pé òun ń jẹ ni ó ń jẹ. Ti ẹran yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹran máa ń pàdánù omi lórí iná ni: 100 gíráàmù àyà adìyẹ tútù kì í ju bí 75 lọ mọ́ nígbà tí ó bá jinná, purotéènì tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì lọ sí ibì kankan. Bí a bá fi ohun tí a kọ fún ẹran sísè wọn ẹran tútù, purotéènì yóò dín.

Ìkòkò tirẹ̀ ni kí olúkúlùkù fi dá ara rẹ̀ lójú. Ẹ wọn ìkòkò òfìfo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn ìrẹsì tútù, ẹ sè é bí ẹ ti máa ń sè é, ẹ wọn ìkòkò àti ìrẹsì pọ̀, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n ìkòkò kúrò. Nílé ọmọ yìí, ìrẹsì 500 gíráàmù di 1,400, ìyẹn ni pé gíráàmù tútù kan di 2.8. Láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ oúnjẹ 100 gíráàmù ìrẹsì tútù, yóò bu 280 láti inú ìkòkò. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn: ẹni tí ó fẹ́ràn ìrẹsì tí ó rọ̀ yóò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sì yí irú ìrẹsì padà, àfi kí a tún un wọn. Ní ti ẹ̀bà, mo máa ń rọ àwọn eléré pé kí wọ́n wọn gàárì kí omi gbígbóná tó kàn án, nítorí kò sí ẹni tí ń rọ ẹ̀bà sí omi kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní mo máa padà sí ẹja 146 gíráàmù. Àṣìṣe kẹta ni pé a máa ń ka oúnjẹ kọ̀ọ̀kan fún èròjà kan ṣoṣo: ẹja fún purotéènì, ìrẹsì fún kabohaidíréètì, òróró fún ọ̀rá. Kò sí oúnjẹ tí ń gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe òróró fúnra rẹ̀. Ọ̀rá 20 gíráàmù ni ọmọ yìí ní lọ́sàn-án, ẹja 146 gíráàmù sì ti gbé ọ̀rá bí 26 wá kí ẹnikẹ́ni tó kan òróró. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tí ó ń fún ni lókun, nítorí purotéènì díẹ̀díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò kí a tó gé ẹran. Òróró ni ó gbẹ̀yìn.

Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ nìyí: purotéènì 35, kabohaidíréètì 110, ọ̀rá 20. Ẹ̀wà wà nílé, a sì gbà pé yóò jẹ 150 gíráàmù ẹ̀wà sísè. Ìyẹn fún un ní purotéènì 12, kabohaidíréètì 31 àti ọ̀rá kan. Kabohaidíréètì tí ó kù jẹ́ 79, èyí tí ìrẹsì sísè 280 gíráàmù kájú rẹ̀, ìrẹsì náà sì mú purotéènì bí 7.5 àti ọ̀rá bíi gíráàmù kan wá. Purotéènì ti di 19.5, ó ku 15.5. Títúùsì 65 gíráàmù ti tó fún ìyẹn, kò tó ìdajì ohun tí ìṣirò àkọ́kọ́ fún wa. Ẹja náà gbé ọ̀rá bí 12 dání, àpapọ̀ ọ̀rá sì di 14. Gíráàmù mẹ́fà péré ni ó kù fún òróró, kò sì kún ìdajì ṣíbí ìjẹun kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ti wọlé, nítorí kò sí ẹni tí ń da òróró sí àwo ìrẹsì. Inú ìkòkò ìyá rẹ̀ ni òróró wà, àṣìṣe kẹrin sì ni pé kò kà á rárá. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wọn ìgò òróró kí wọ́n tó dáná àti lẹ́yìn rẹ̀: 138 gíráàmù ni ó wọ ìkòkò. Nígbà tí ọbẹ̀ ata náà jinná, láìka ẹran, ó wọn 1,500 gíráàmù. Bí a bá rò ó pọ̀ dáadáa, ọ̀rá 9 gíráàmù àti díẹ̀ ni ó wà nínú 100 gíráàmù ọbẹ̀ náà. Bí a kò bá rò ó, òróró yóò léfòó, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ ni yóò kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ. Gíráàmù mẹ́fà tí ó kù fún un kò ju 65 gíráàmù ọbẹ̀ lọ, èyí tí kò lè rin ìrẹsì 280.

N kò sọ fún un pé kí ó jẹ ìrẹsì gbígbẹ, n kò sì ní kí ìyá rẹ̀ dín òróró ilé kù nítorí ẹnì kan. Ẹja ni a yí padà. Àyà adìyẹ tí a bó awọ rẹ̀, tí a sì sè, ní purotéènì 31 àti ọ̀rá tí kò tó mẹ́rin nínú 100 gíráàmù, nítorí náà 50 gíráàmù rẹ̀ fún un ní purotéènì 15.5 náà pẹ̀lú ọ̀rá méjì péré. Àpapọ̀ ọ̀rá di mẹ́rin, ó ku 16, ó sì lè bu 170 gíráàmù ọbẹ̀ láìséwu. Ní ọjọ́ tí ẹja bá wà, a máa ń fi omi ata tàbí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí òróró rẹ̀ kò pọ̀ rin ín. Òróró tí a kò kà yìí náà ni ó fa á tí àìtó ìrẹsì rẹ̀ kò fi tètè hàn: ara ń rí kálórì lára ọ̀rá, ṣùgbọ́n iṣan kò rí kabohaidíréètì tí ó ń wá.

Àṣìṣe tí ó kù kò gùn. Ó pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́rin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, títí kan oúnjẹ tí ó ń jẹ ní wákàtí kan àbọ̀ ṣáájú ìdánrawò, tí ẹ̀wà àti ọbẹ̀ olóróró wá ń yí i nínú lórí pápá. Purotéènì ni ó dára kí a pín ní ọgbọọgba tàbí kí ó sún mọ́ ọn. Ọ̀rá àti ẹ̀wà yẹ kí ó jìnnà sí àkókò eré, nítorí wọ́n máa ń pẹ́ nínú ikùn, kí kabohaidíréètì sì pọ̀ sí oúnjẹ tí ó yí ìdánrawò ká. Ọ̀sán jìnnà sí ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, a fi ẹ̀wà síbẹ̀. Kí ó tó lọ sí pápá, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni.

Kò pọn dandan kí gíráàmù bọ́ sójú kan gẹ́lẹ́, nítorí ìwọ̀n àárín ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí. Ẹja kan máa ń lọ́ràá ju òmíràn lọ. Bí oúnjẹ kan bá fi gíráàmù márùn-ún yẹ̀, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ohun tí mo ń wò ni ìwọ̀n ara láàárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí ó tó jẹun, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a tún àwo rẹ̀ ṣe, ìwọ̀n rẹ̀ dúró, ó sì sọ fún mi pé ìdajì kejì ìdánrawò kò wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilé wọn ra ìrẹsì ọ̀fadà lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé ìkòkò òfìfo ka orí òṣùwọ̀n.