Iṣan inú itan fà: àwọn àṣìṣe tó ń dá agbábọ́ọ̀lù padà sílé

Ọmọ ọdún 19 kan tó ń gba wíńgì ọ̀tún fún wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní Sátidé kan, ó ju ẹsẹ̀ láti gbá kírọ́ọ̀sì, ó sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan fà lókè nínú itan, níbi tí itan ti pàdé abẹ́. Kò ṣubú, bọ́ọ̀lù náà sì lọ dáadáa.

Ojú ẹsẹ̀ ló ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ya itan méjèèjì, ó sì ń fi ìgbúnwọ́ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ pé kí iṣan náà lè tú. Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi omi gbígbóná jó o, ó sì fi ìpara wọ́ ọ títí ó fi ké. Iṣan tó fà kì í ṣe iṣan tó dì. Ó ti ya díẹ̀ nínú, nítorí náà bí a bá tún ń fà á, ńṣe là ń mú kí ojú ibẹ̀ fẹ̀ sí i. Ooru àti wíwọ́ líle sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa sun sínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́. Píọ̀ wọ́tà tó ti dì, tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, tó fún ọjọ́ náà. Kó máa rìn jẹ́jẹ́ níwọ̀n tí kò bá dùn ún.

Kì í ṣe gbogbo ìrora abẹ́ ló jẹ́ ti iṣan, ẹ jọ̀wọ́. Bí kóró ẹpọ̀n bá déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í dunni gan-an, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní wákàtí yẹn gan-an, torí ó lè ti lọ́ pọ̀, kò sì ní dúró di ọ̀la. Bí nǹkan bá ń wú jáde níbẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wúkọ́, ó lè jẹ́ ìpá, dókítà ló yẹ kó wò ó.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ọmọ náà wá bá mi. “Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí n gbá a, mi ò tiro mọ́.” Mo gbà fún un, ẹ̀bi mi nìyẹn. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbá jẹ́ firíkíìkì láti ẹ̀yìn ètíìnì, ibi tó ti fà tẹ́lẹ̀ náà ló sì tún fà. Ìrìn kì í dán iṣan yìí wò. Nígbà tí a bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ máa ń lọ sẹ́yìn, ó sì ń yà síta. Iṣan inú itan á nà tán, àsìkò tó nà tán yẹn gan-an ló sì gbọ́dọ̀ fi gbogbo agbára fa ẹsẹ̀ padà síwájú. Ibẹ̀ ló ti ń ya.

Ìdánwò tí mo wá ń lò lẹ́yìn èyí kò gba owó. Kó sùn fẹ̀yìn lélẹ̀, kó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kó fi bọ́ọ̀lù sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kó sì fún un gidigidi fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Lẹ́yìn náà kó sọ bí ó ṣe dùn ún tó, láti 0 dé 10. Bí ó bá lé ní 5, ìsinmi ni. Láti 3 sí 5, kó dín iṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí kéré sí i, ó lè tẹ̀ síwájú. Ọmọ yìí sọ pé 6 nígbà tó fà lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ó ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Fífún bọ́ọ̀lù náà la fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú: ìgbà 10, jẹ́jẹ́. Nígbà tí nọ́ńbà ìrora rẹ̀ wálẹ̀ sí 2, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ tààrà, lẹ́yìn náà ó ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan sí èkejì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Páàsì kúkúrú ló kọ́kọ́ gbá, mítà 8, ìgbà 20 péré, kò sì gbá ní ọjọ́ kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, ó tún fún bọ́ọ̀lù. Bí nọ́ńbà bá ti gòkè, a ó dúró síbi tí a wà. Àṣìṣe ọ̀pọ̀ ni pé wọ́n ń wo bí ó ti rí lórí pápá nìkan, nígbà tí ara ti gbóná.

A fi páàsì mítà 20 kún un, kó tó kan gbígbá pẹ̀lú òkè ẹsẹ̀, níbi okùn bàtà. Kírọ́ọ̀sì lórí eré sísá tẹ̀ lé e, ṣùúùtì tó lágbára àti dídu bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọ̀tá ló kẹ́yìn pátápátá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà á. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn máa ń lọ gba abẹ́rẹ́ tàbí oògùn ìrora kí wọ́n lè fo àwọn ìpele wọ̀nyí, ṣùgbọ́n oògùn náà kò so iṣan pọ̀, ohùn tó ń kìlọ̀ ló pa.

Ní báyìí, kí iṣan náà lè lágbára sí i, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń fi ìgbúnwọ́ gbé ara ró, ẹnìkejì rẹ̀ á di ẹsẹ̀ òkè mú, òun á sì máa gbé ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ bá a.