Irorẹ́ ẹ̀yìn àti àyà: ẹ fi kànrìnkànrìn sílẹ̀

Bí ooru Ilọrin bá ti mú, irorẹ́ ẹ̀yìn àti ti àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n mú kànrìnkànrìn, kí wọ́n máa ha ẹ̀yìn títí á fi máa ta wọ́n. Àṣìṣe tó burú jù nìyẹn, torí irorẹ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Inú ihò irun ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀rá ara àti awọ tó ti kú ti dí ihò náà pa. Kànrìnkànrìn ò lè débẹ̀. Èyí tó ti wú ló máa fọ́, àpá dúdú rẹ̀ á sì wà lára fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tankẹ tó ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tó ń wọ jẹ́sì tó fún mọ́ra lọ gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Bí irorẹ́ rẹ̀ bá tò sí ibi tí okùn báàgì ń tẹ̀, a ti mọ ibi tó ti wá: okùn tó ń ha awọ àti òógùn ni. Ti obìnrin máa ń tẹ̀lé okùn kọ́mú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà délé, ó jókòó síwájú fáànù, òógùn gbẹ, ó rò pé ó ti tán. Kò tán. Kó bọ́ jẹ́sì náà kíákíá, kó sì wẹ̀. Bí omi ò bá tó láti wẹ̀, kó fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn, kó wọ ẹ̀wù òwú tó ṣò. Kó má tún jẹ́sì náà wọ̀ láìfọ̀ ọ́.

Ìwẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ètò. Orí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọ̀, torí ìpara irun máa ń ṣàn sẹ́yìn. Ẹ di irun sókè, kẹ́ ẹ wá fọ ẹ̀yìn àti àyà gbẹ̀yìn. Ẹ béèrè ọṣẹ olómi tó ní bẹnsọ́ìlì pẹróksáìdì ìdá 4 tàbí 5 nínú 100 ní kẹ́míìsì. Ẹ fi ọwọ́ pa á sára tó tutù, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 bí ẹ ti ń fọ ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣan án dáadáa. Ọwọ́ ò bá dé àárín ẹ̀yìn, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gígùn lò ó, ẹ má fà á le. Táwẹ́lì funfun ni kẹ́ ẹ lò, nítorí oògùn yìí máa ń pa àwọ̀ aṣọ. Tí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lò ó lọ́jọ́ kan, kẹ́ ẹ fo ọjọ́ kejì. Bí awọ bá ń bó, ẹ dín in kù. Ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kẹ́ ẹ tó rí ìyàtọ̀ gidi, ibí yìí sì ni ó ti máa ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ má wá fi òrí tàbí àdín pa ẹ̀yìn náà lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹsẹ̀ àti apá ni kẹ́ ẹ fi pa.

Bó bá jẹ́ kókó kéékèèké tó dọ́gba ni, tó ń yún gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èbu tó ń hù nínú ihò irun, ọṣẹ yìí kì í sì í sábà ṣiṣẹ́ fún un. Ìpara ìbóra náà, pàápàá èyí tó ní sìtẹ́rọ́ìdì, lè mú irú kókó bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ fi han dókítà awọ ara, kẹ́ ẹ sì mú ike ìpara náà dání.